Pupa, Yẹ́lò, Ewé, Búlúù: Àgbéyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Ka Iná Dáṣíbọ́ọ̀dù Nínú Fọ́tò

Bóyá ni mẹkáníìkì kan wà lóde òní tí ẹnìkan kò tíì fi fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí lórí fóònù rí. Iná kan tàn níwájú awakọ̀, kò mọ ohun tó jẹ́, ó ya á, ó fi ránṣẹ́, ó sì béèrè pé: ṣé kí n máa lọ ni, àbí kí n dúró? Ìbéèrè náà kò gùn, ṣùgbọ́n bó bá fi fọ́tò kan náà han ènìyàn mẹ́rin tó mọ ọkọ̀, ó lè gba ìdáhùn mẹ́rin. Ẹni àkọ́kọ́ á ní pupa ni, kó pa ọkọ̀ náà. Ẹnì kejì á ní kó kọ́kọ́ wo àwòrán tó wà nínú iná ọ̀hún kó tó bẹ̀rù. Ẹnì kẹta á béèrè bóyá ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó yà á. Ẹnì kẹrin á ní fọ́tò kò tó nǹkan, kó gbé ọkọ̀ wá kí wọ́n fi sìkánà sí i.

Kò sí èyí tó ń sọ ìsọkúsọ nínú wọn. Ọ̀nà kíkà mẹ́rin ni wọ́n dúró fún, kálukú ló sì ní ibi tó mú àti ibi tó kú sí. Iṣẹ́ àgbéyẹ̀wò yìí ni láti gbé ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wọn wọ́n lórí òṣùwọ̀n kan náà, kó sì fi ibi tí ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú hàn.

Fọ́tò méjì tí a ó fi dán wọn wò

Ká lè rí ohun dì mú, ẹ jẹ́ ká gbé fọ́tò méjì sójú. Ọkọ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì: Toyota Corolla ọdún 2005, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, èyí tí géèjì eré rẹ̀ ń ka máìlì dípò kìlómítà.

Nínú fọ́tò kìíní, ọwọ́ géèjì eré wà ní òdo. Ọwọ́ géèjì RPM, èyí tó ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, wà ní òdo pẹ̀lú. Ọwọ́ géèjì ooru wà ní àárín. Iná mẹ́rin ló tàn: bátìrì pupa, agolo ọ́ìlì pupa, ọ̀rọ̀ BRAKE pupa, àti àwòrán ẹ́ńjìnì tó jẹ́ yẹ́lò, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì. Iná ABS àti iná ẹ́àbáàgì kò tàn.

Nínú fọ́tò kejì, ọkọ̀ dúró sójú kan, ọwọ́ RPM wà ní nǹkan bíi 700, ọwọ́ ooru wà ní àárín bíi ti àkọ́kọ́. Iná kan ṣoṣo ló tàn, agolo ọ́ìlì pupa.

Lójú ẹni tó ń ka iye iná, fọ́tò kìíní ló burú jù. A ó rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn tó ní àwọ̀ ni àṣẹ

Àwọn wọ̀nyí gbà pé ẹni tó ń wakọ̀ kò nílò ju àwọ̀ lọ. Ohun tí wọ́n dúró lé kì í ṣe àbá lásán. ISO 2575, ìlànà àgbáyé lórí àwọn àmì inú ọkọ̀, fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òfin 121 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà sọ irú àmì tó gbọ́dọ̀ wà níwájú awakọ̀ àti àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ ní. Bí a bá sọ ọ́ lédè awakọ̀, pupa ń sọ pé ewu ti dé tàbí ó ti kù sí dẹ̀dẹ̀: wá ibi tó dára, dúró, pa ẹ́ńjìnì. Yẹ́lò ń sọ pé nǹkan kan kò lọ bó ṣe yẹ: ọkọ̀ ṣì lè rìn, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó pẹ́ kó o tó tọ́jú rẹ̀. Àwọ̀ ewé ń sọ pé ohun kan ń ṣiṣẹ́, bí iná ìyàbàrá. Kò pàṣẹ ohunkóhun. Búlúù jẹ́ ti fúù-láìtì, ohun tó sì ń rán awakọ̀ létí ni pé kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ níwájú.

Agbára ọ̀nà yìí ni pé ó yá. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń kọjá nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó wà lórí irú eré bẹ́ẹ̀ ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kò láyè láti máa rò pé àwòrán wo lèyí. Ó rí pupa, ó tẹ iná ìyàbàrá, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí kò kàwé àti ẹni tó kàwé ń ka àwọ̀ bákan náà, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan a máa tan ni jẹ ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni pé pupa kò dọ́gba. Bẹ́líìtì ìjókòó tí a kò so jẹ́ pupa, ilẹ̀kùn tí kò padé dáadáa jẹ́ pupa, pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì tó já náà jẹ́ pupa. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ló lè sọ ẹ́ńjìnì di òkú irin láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Èkejì ni pé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan délẹ̀. Iná ẹ́àbáàgì jẹ́ pupa nínú ọkọ̀ kan, yẹ́lò nínú òmíràn. Àwọn ọkọ̀ kan tí kò ní géèjì ooru sì máa ń tan àmì ooru ní búlúù nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, tó jẹ́ pé ẹni tó ti kọ́ pé búlúù jẹ́ ti fúù-láìtì á máa wá ohun tí kò sí.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: yẹ́lò tó ń ṣẹ́jú. Bí iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì bá tàn tó dúró gbári, ó lè jẹ́ ohun tí ẹ lè gbé dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ́la. Bó bá ń tàn tó ń kú, ohun tó ń sọ ni pé sílíńdà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò jó epo tó gbà. Epo tí kò jó yẹn á bá èéfín lọ sínú kátálíìsì tó wà lójú ọ̀nà sàláńsà, á jó níbẹ̀, á sì mú kó gbóná débi tí inú rẹ̀ tó rí bí afárá oyin á fi yọ́. Yẹ́lò ni, àmọ́ àṣẹ rẹ̀ súnmọ́ ti pupa: gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́ọ̀tù, dín eré kù, dúró níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹni tó gbà pé àwọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ á máa sáré lọ.

Àwọn tó ní àwòrán ló lọ̀rọ̀

Ìhà kejì gbà pé àwọ̀ ń sọ bí ọ̀ràn ṣe le tó, àwòrán ló ń sọ ohun tí ọ̀ràn náà jẹ́, àti pé ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò lè mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Wọ́n ní kí awakọ̀ kọ́ àwòrán bí ẹni ń kọ́ ááfábẹ́ẹ̀tì, kó sì fi ìwé ọkọ̀ náà pamọ́ sínú rẹ̀.

Wọ́n lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwòrán ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ojú kọ́kọ́ rí. Ẹ wo agolo ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ó ń sọ pé ọ́ìlì ti dínkù, pé kí wọ́n ra gálọ́ọ̀nù kan ní ibùdó epo tó wà níwájú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Súwíìṣì kékeré kan tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnì ló ń tan iná náà, ohun tó sì ń wọ̀n ni pírẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì lọ sáàárín irin àti irin. Nígbà tí pírẹ́ṣọ̀ bá já wálẹ̀ sí nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì báà kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, táyà ọkọ̀ kékeré ń gba báà méjì àti díẹ̀, súwíìṣì á tan iná. Ìgbà tí pupa yẹn fi máa tàn lójú ọ̀nà, irin ti ń ha irin. Kò sí ibùdó epo kankan tí a gbọ́dọ̀ wà á dé. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó ní agolo ọ́ìlì yẹ́lò fún ọ́ìlì tó dínkù àti pupa fún pírẹ́ṣọ̀ tó já. Níbẹ̀ àwọ̀ àti àwòrán jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Ẹ wo bátìrì pupa náà. Bátìrì kọ́ ló sábà ń bá wí. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà tí iná fi ń wọ bátìrì ti dí: ó lè jẹ́ ọ̀túnétọ̀, ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ bẹ́líìtì tó ń yí i ló já. Bó bá jẹ́ ọ̀túnétọ̀ nìkan ló kú, ọkọ̀ á fi iná tó wà nínú bátìrì rìn díẹ̀ sí i, pàápàá bí wọ́n bá pa éèsì àti rédíò. Ṣùgbọ́n nínú Corolla tí a ń sọ yìí, bẹ́líìtì kan náà tó ń yí ọ̀túnétọ̀ ló ń yí pọ́ǹpù omi. Bí ó bá já, omi kò ní yípo mọ́, ẹ́ńjìnì á sì hó láìpẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á fi kúrò lórí bátìrì pupa lọ síbi ọwọ́ géèjì ooru lójú ẹsẹ̀. Bí ọwọ́ yẹn bá ń gòkè, kò sí àǹfààní kankan nínú ká máa lọ.

Àwòrán méjì lápapọ̀ tún lè sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sọ. ABS yẹ́lò nìkan túmọ̀ sí pé bíréèkì ń mú bó ṣe ń mú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n táyà lè yọ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì. BRAKE pupa nìkan lè jẹ́ háńdì bíréèkì tí a kò sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè jẹ́ omi bíréèkì tó ti lọ sílẹ̀. Bí méjèèjì bá tàn pọ̀, ètò tó ń pín agbára bíréèkì láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn lè ti kú, táyà ẹ̀yìn sì lè kọ́kọ́ há kó gbé ìdí ọkọ̀ dànù. A kì í fi èyí rìn.

Àìlera ọ̀nà yìí ni pé àwòrán pọ̀ ju ohun tí orí lè gbé lọ, wọ́n sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Wọ́n tún yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀: ọkọ̀ Amẹ́ríkà á kọ BRAKE, ti Yúróòpù á ya òbìrí pẹ̀lú àmì ìyanu nínú. Ẹni tó ń wakọ̀ tòkunbọ̀ láìsí ìwé rẹ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, kò ní ibi tí yóò ti wò ó.

Àwọn tó ń béèrè ìgbà tí iná tàn

Ìhà kẹta kì í kọ́kọ́ wo iná rárá. Ọwọ́ géèjì RPM ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní iná kì í sọ òtítọ́ kan náà nígbà gbogbo, àti pé ohun tó máa ń mú kí ìdáhùn lórí fọ́tò forí gbárí ni pé ẹni tó yà á kò sọ ìgbà tó yà á.

Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn láì tíì bẹ́rẹ́ ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ á mọ̀ọ́mọ̀ tan àwọn iná ìkìlọ̀ kí awakọ̀ lè rí i pé gílóòbù kọ̀ọ̀kan wà láàyè. Lẹ́yìn náà, àwọn kan á dán ara wọn wò, wọ́n á sì kú fúnra wọn: ABS láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ́àbáàgì ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 6. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì, bátìrì àti ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì kì í kú títí ẹ́ńjìnì yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò le: pọ́ǹpù ọ́ìlì kò tíì yí, ọ̀túnétọ̀ kò tíì yí, nítorí náà òtítọ́ ni iná méjèèjì ń sọ pé kò sí pírẹ́ṣọ̀, kò sí iná tó ń wọ bátìrì. Ẹ́ńjìnì tó bá kú lójijì lójú ọ̀nà náà á tan wọ́n. Awakọ̀ á wá sọ pé bátìrì àti ọ́ìlì ló pa ọkọ̀ òun, nígbà tó jẹ́ pé kíkú ẹ́ńjìnì ló tan iná wọn.

Ọ̀nà yìí ló tún ń kọ́ wa pé iná tí kò tàn náà lọ́rọ̀ sọ. Àwọn kan tó ń ta tòkunbọ̀ a máa yọ gílóòbù ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì tàbí kí wọ́n fi téèpù bò ó. Èyí tó mọ iṣẹ́ nínú wọn á ní kí rẹ́wáyà so ó pọ̀ mọ́ iná ọ́ìlì, kí méjèèjì lè jọ máa tàn kí wọ́n sì jọ máa kú. Ẹni tó bá yí kọ́kọ́rọ́, tó fara balẹ̀ ka iná tó tàn kó tó bẹ́rẹ́, á rí èyí tí wọ́n yọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ibi tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ti ń fi ojú ṣọ́rí nìyí.

Àìlera rẹ̀ ni pé fọ́tò kan kì í gbé àkókò. Kò lè fi hàn bóyá iná ń ṣẹ́jú, kò lè sọ èyí tó kọ́kọ́ tàn nínú mẹ́rin, kò sì lè sọ bóyá ọ̀kan kú kí wọ́n tó yà á. Bákan náà, bí gílóòbù ṣẹ́ẹ̀kì bá wà lórí okùn ọ́ìlì, ìdánwò kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ á parọ́, àfi tí a bá fi sìkánà kún un.

Àwọn tó ní sìkánà nìkan ló mọ òtítọ́

Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan kí ọkọ̀ kékeré tuntun ní ètò OBD-II. Ihò tó ní ojú 16 wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí a bá ki sìkánà bọ̀ ọ́, bíréènbọ́ọ̀sì á sọ àṣìṣe tó ti kọ sílẹ̀. Ìhà kẹrin gbà pé ariwo lásán ni iná, pé kóòdù ni ọ̀rọ̀ gan-an.

Wọ́n tọ̀nà púpọ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì. Iná kan yìí ló dúró fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àṣìṣe, láti orí ìdérí táńkì epo tí kò dé dáadáa títí dé sílíńdà tí kò jó epo. Kò sí ojú ènìyàn tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú fọ́tò. Sìkánà tún ń tú ọ̀rọ̀ tí iná ti dà rú. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó ní VSC, bí ẹ́ńjìnì bá ní àṣìṣe, ọkọ̀ á ti VSC pa fún ìṣọ́ra, iná rẹ̀ á sì tàn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì. Awakọ̀ á máa náwó lórí bíréèkì àti sẹ́ńsọ̀ táyà nígbà tí ẹjọ́ náà wà nínú ẹ́ńjìnì. Kóòdù kan ṣoṣo á gbà á lọ́wọ́ ìnáwó yẹn.

Ṣùgbọ́n kóòdù kì í dárúkọ ohun tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀. Ẹ mú P0171. Ohun tó sọ ni pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnì ń jó. Ó lè jẹ́ ọ̀pá rọ́bà tó ti là tó ń fa atẹ́gùn lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn ọ̀hún ló dọ̀tí, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀. Ẹni tó bá ra sẹ́ńsọ̀ kìkì nítorí kóòdù ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ibi tí wọ́n ti kùnà pátápátá ni pupa. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà Corolla yìí, súwíìṣì ọ́ìlì kò bá bíréènbọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ kankan. Wáyà rẹ̀ lọ tààrà sí iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Súwíìṣì omi bíréèkì náà rí bẹ́ẹ̀. A lè ki sìkánà bọ ọkọ̀ tí pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ti já, kó ní kò sí kóòdù kankan, kí ọ̀gá ọkọ̀ sì fi ìdùnnú wà á lọ síbi tí ẹ́ńjìnì yóò ti nọ́ọ̀kù. Ẹni tó ń tà á náà lè pa kóòdù rẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àṣìṣe gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìrìn méjì tó tẹ̀ lé ara wọn kí iná tó tún padà tàn.

Ohun tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń fi kún un

Gbogbo ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ka dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílé kò rí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ohun tí kámẹ́rà rí ló ń rí. Nínú òkùnkùn, fóònù á gba ìmọ́lẹ̀ sínú ju bó ṣe yẹ lọ, àárín iná pupa á funfun, etí rẹ̀ á dà bí ọsàn, a kò ní mọ̀ bóyá pupa ni tàbí yẹ́lò. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn tó kọlu ike ojú géèjì lè pa iná tó tàn rẹ́, ó sì lè mú kí àmì tí kò tàn dà bí èyí tó tàn. Àwọn iná kéékèèké inú ọkọ̀ tuntun sì máa ń tàn kí wọ́n kú lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, kíákíá ju ohun tí ojú lè rí. Fóònù tó ya fọ́tò lójú kan lè bá a nígbà tó kú, kó fi hàn bí ẹni pé kò tàn rárá.

Níhìn-ín ni àwọn aláwòrán ti borí àwọn aláwọ̀. Àwọ̀ lè yí nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n agolo ọ́ìlì kì í di bátìrì. Àwọn tó ń béèrè ìgbà náà jàǹfààní, nítorí kámẹ́rà kì í yí ibi tí ọwọ́ géèjì nà sí padà.

Fọ́tò méjèèjì lórí òṣùwọ̀n

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fọ́tò kìíní. Ẹni tó ń ka àwọ̀ á rí pupa mẹ́ta, á sì ní kí wọ́n wá fi ọkọ̀ ìgbọ́kọ̀ gbé e. Ẹni tó ń ka ìgbà á rí i pé RPM wà ní òdo, pé ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́. Nítorí náà bátìrì, ọ́ìlì àti ṣẹ́ẹ̀kì gbọ́dọ̀ tàn. Bí wọn kò bá tàn ni ẹ̀rù ì bá bà á. ABS àti ẹ́àbáàgì ti kú, ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ ti wà níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 6 lọ. Ọwọ́ ooru wà ní àárín, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ tán ni. BRAKE pupa lè jẹ́ háńdì bíréèkì tí wọ́n fà sókè. Ìbéèrè méjì péré ló kù fún awakọ̀: ṣé ìwọ lo pa ọkọ̀ ni, àbí fúnra rẹ̀ ló kú? Ṣé háńdì bíréèkì wà lókè? Bó bá jẹ́ pé òun ló pa á, tí háńdì sì wà lókè, fọ́tò náà kò ní àìsàn kankan nínú. Ohun kan ṣì kù láti yẹ̀ wò nígbà tó bá bẹ́rẹ́: kí gílóòbù ẹ́àbáàgì tàn ní ìbẹ̀rẹ̀ kó tó kú, kí a lè mọ̀ pé wọn kò yọ ọ́.

Fọ́tò kejì ní iná kan péré, òun sì ni èyí tó burú. RPM wà ní 700, ẹ́ńjìnì ń yí, pọ́ǹpù ń yí, síbẹ̀ agolo ọ́ìlì pupa ń tàn. Ohun tó yẹ ni kó pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Kó jẹ́ kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú 5 kí ọ́ìlì lè ṣàn padà sílẹ̀, kó fa ọ̀pá ìwọn rẹ̀ yọ, kó nù ún, kó tì í padà wọlé, kó tún fà á. Bí ọ́ìlì bá wà nísàlẹ̀ àmì ìsàlẹ̀, kó da irú èyí tí ọkọ̀ náà ń lò sí i dé àmì òkè, kó bẹ́rẹ́, kó wo bóyá iná kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Bó bá kú, jíjò tàbí jíjó ọ́ìlì ló yẹ kí wọ́n wá. Bí ọ́ìlì bá kún tẹ́lẹ̀ tí iná sì tún tàn, kó má ṣe bẹ́rẹ́ mọ́. Ohun tó kù lè jẹ́ pọ́ǹpù, ó lè jẹ́ bíárìn tó ti jẹ, ó lè jẹ́ súwíìṣì lásán. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó dájú láti yà wọ́n ni kí mẹkáníìkì tú súwíìṣì, kó de géèjì pírẹ́ṣọ̀ sí ihò rẹ̀, kó sì ka ohun tó sọ. Pípààrọ̀ súwíìṣì kí iná lè kú láì wọn pírẹ́ṣọ̀ jẹ́ fífi téèpù bo ojú.

Ọwọ́ géèjì kan ṣoṣo ló yí ìtumọ̀ padà láàárín fọ́tò méjèèjì. Ìyẹn ló mú kí àgbéyẹ̀wò yìí fi ìgbà ṣáájú, kí àwọ̀ tẹ̀ lé e, kí àwòrán tẹ̀ lé àwọ̀, kí sìkánà sì kẹ́yìn nínú fọ́tò. Lójú ọ̀nà, lórí eré, ètò náà yí padà: àwọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú níbẹ̀, nítorí ìgbà ti hàn sí awakọ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìbéèrè mẹ́ta ló ṣì wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti yẹ́lò tó ń ṣẹ́jú. Àwọn kan gbà pé ó yẹ kí iná tó ń pàṣẹ bíi pupa wọ aṣọ pupa. Àwọn mìíràn ní bí a bá sọ ọ́ di pupa, pupa á pọ̀ jù, awakọ̀ á sì mójú kúrò lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe mójú kúrò lára ti bẹ́líìtì. Kò sí èyí tó borí nínú wọn.

Èkejì ni ti ọ̀rọ̀ kíkọ. Ọkọ̀ tuntun ń fi gbólóhùn sórí síkíríìnì dípò àwòrán, ó sì dára fún ẹni tó gbọ́ èdè náà. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tó ti Jámánì tàbí Kòríà wá lè máa kìlọ̀ ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ kò gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé agolo ọ́ìlì kò ní èdè.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí a ó ti dúró. Àṣẹ pupa ni kí a dúró báyìí, ṣùgbọ́n dídúró lórí afárá tí kò ní ẹ̀gbẹ́, tàbí ní òru níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀, ní ewu tirẹ̀. Mítà mélòó ni ẹ́ńjìnì tọ́ sí kí ẹ̀mí lè yè? Kò sí iná kankan tó dáhùn ìyẹn. Awakọ̀ nìkan ló lè wọ̀n ọ́n, ẹ̀mí ló sì gbọ́dọ̀ wúwo ju ẹ́ńjìnì lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ ya gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe iná kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ RPM àti ti ooru hàn. Ẹ sọ bóyá ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ sì fi fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 10 kún un láti ìgbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ tí agolo ọ́ìlì pupa tàn, ẹ pa á ná kí ẹ tó ya fọ́tò kankan.